Ẹ̀wà Inú Òkùnkùn Ló Ga Jù: Ìwé Àkíyèsí fún Ọmọ Ọdún Mẹ́jọ

Ẹ ní kí ọmọ ọdún mẹ́jọ ya igi tó ń hù fún yín. Kò ní wo ibì kankan kó tó bẹ̀rẹ̀. Á fa ọ̀pá kan sókè láàárín pépà, á fi ewé kan sí ọ̀tún, á fi òmíràn sí òsì, á gbé òdòdó pupa lé e lórí, á wá ya oòrùn tó ń rẹ́rìn-ín sí kọ̀rọ̀. Irú igi bẹ́ẹ̀ kò sí ní àdúgbò rẹ̀. Inú ìwé aláwòrán ló ti bá a pàdé. Bí ẹ bá wá gbé ẹ̀wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ gbòǹgbò síwájú rẹ̀, tí ẹ ní kó ya èyí tó wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí ó bá tún gbé òdòdó pupa yẹn lé e lórí.

Ohun tí ìwé àkíyèsí wà fún nìyẹn, èyí tí àwọn tíṣà ń pè ní wọ́kíṣíìtì. Ó wà láti fa ojú ọmọ kúrò nínú igi tó wà lórí rẹ̀, kó gbé e sára èyí tó wà nínú ife. Pépà kan ṣoṣo ni. Ìbéèrè wà lókè, àtẹ tí wọn yóò máa kọ nǹkan sí wà láàárín, àyè àwòrán wà nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ Pírámárì kẹta ló sábà máa ń ṣe é nínú iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ̀wà ni wọ́n sì máa ń lò, nítorí pé kò wọ́n, ó tóbi tó kí ọmọdé mú un lọ́wọ́, ó sì tètè ń hù.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà ni tíṣà ti máa ń kọ ìdáhùn sójú pátákó kí ẹ̀wà tó hù rárá: igi nílò omi, afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Àwọn ọmọ á dà á kọ, á sì parí síbẹ̀. Ẹ̀wà ojú fèrèsé wá di ohun ọ̀ṣọ́. Ní tèmi, kí a fi ìbéèrè tó máa já àwọn ọmọ kulẹ̀ sórí pépà ló dára jù. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *Ẹ̀wà wo ni yóò ga jù, èyí tó wà ní ojú ìmọ́lẹ̀ tàbí èyí tó wà nínú òkùnkùn?* Ẹ fi ìlà kan sí abẹ́ rẹ̀: *Èrò mi ni pé…* Pẹ́ńsù ni kí wọ́n fi kọ ìyókù pépà náà, ṣùgbọ́n bírò ni kí wọ́n fi kọ ìlà yìí. Bí ọjọ́ mélòó kan bá kọjá, púpọ̀ nínú wọn á fẹ́ pa ohun tí wọ́n kọ rẹ́, èyí kò sì yẹ kó ṣeé ṣe.

Ọ̀nà tí a fi ń gbin ẹ̀wà yìí rọrùn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló ti máa ń bàjẹ́ jù. Ẹ lọ sọ́jà ra ẹ̀wà díẹ̀, olóyin tàbí funfun. Ẹ má lo irúgbìn tí wọ́n ti fi oògùn aláwọ̀ kùn ní ilé ìtajà ohun ọ̀gbìn, torí oògùn yẹn kì í ṣe ohun tí ọwọ́ ọmọdé gbọ́dọ̀ kàn. Ẹ̀wà ọjà pàápàá, wọ́n lè ti fi oògùn apakòkòrò sí i, nítorí náà kí tíṣà fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ọmọ kankan má fi sẹ́nu, kí gbogbo wọn sì fọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ ṣa àwọn tí kòkòrò ti lu ihò sí lára kúrò. Ẹ da ìyókù sínú omi, èyí tó bá léfòó, ó ṣeé ṣe kí inú rẹ̀ ti ṣófo, ẹ kó o dànù. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó rì sísàlẹ̀ wà nínú omi fún bíi wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Bí ẹ bá gbàgbé wọn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì, afẹ́fẹ́ kò ní tó wọn mọ́, àwọn míì á sì kú kí ẹ tó gbìn wọ́n.

Ife tí ojú ń rí inú rẹ̀ la ó lò. Bí kò bá sí, ẹ gé ike omi sí méjì, kí àgbàlagbà fi iná tàbí téèpù pa etí rẹ̀ tó mú. Ẹ ká tíṣù tàbí òwú sínú rẹ̀ kó kún, kó sì fara ti ògiri ife. Àárín tíṣù àti ògiri yìí ni kí ẹ fi ẹ̀wà há. Ẹ̀wà tí a bá sin sáàárín tíṣù, kò sẹ́ni tó máa rí gbòǹgbò rẹ̀, ọmọ kò sì ní rí nǹkan kan kọ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ fi ẹ̀wà mẹ́ta sí ife kọ̀ọ̀kan, torí ọ̀kan lè jẹrà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bu omi sí i títí tíṣù yóò fi rin. Kí omi má ṣe mu ẹ̀wà mọ́lẹ̀. Ẹ̀wà tó rì sínú omi kì í hù, ńṣe ló máa ń rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, omi ibẹ̀ á dà bí ògì, á sì máa rùn. Bí kíláàsì bá ti ń rùn ní ọjọ́ kẹta, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ife méjì ni: Ife A lọ sí ojú fèrèsé, Ife B lọ sínú páálí tí a bò mọ́lẹ̀ nínú kíláàsì kan náà. Iye ẹ̀wà kan náà, tíṣù kan náà, omi tí a fi ìdérí ìgò kan náà wọ̀n. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Bí a bá fún Ife A lómi púpọ̀ ju Ife B lọ, tí àwọn méjèèjì sì wá yàtọ̀ síra wọn, a ò ní mọ èyí tó fa ìyàtọ̀ náà, omi ni àbí ìmọ́lẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ mọ ohun tó ń jẹ́ ìrẹ́jẹ dáadáa. Bí ẹ bá sọ pé a ò fẹ́ rẹ́ ife kankan jẹ, á yé e lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ló dára jù láti gbìn ín. Ní àkókò ooru tiwa, gbòǹgbò á ti yọ ní ọjọ́ kẹta, tó bọ́ sí Ọjọ́rú, àwọn ọmọ á sì wà nílé ìwé láti rí i. Bí a bá gbìn ín ní ọjọ́ Ẹtì, gbòǹgbò á yọ nígbà tí wọ́n wà nílé, wọ́n á wá bá a ní ọjọ́ Ajé bíi pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà látilẹ̀.

Ká wá bọ́ sórí àtẹ. Èyí tó pọ̀ jù tí mo ti rí kò ní ju òpó méjì lọ, *ọjọ́* àti *gíga*. Kò tó, ẹ máa rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Òpó márùn-ún ni mo fẹ́: ọjọ́, ife, gíga, àwọ̀, àti ohun mìíràn tí mo rí. Òpó tó gbẹ̀yìn yìí ni kí a fà kó gbòòrò jù, torí ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ tóbi, àyè tí kò tó máa ń mú kó kọ "ó dára" kó sì sá lọ. Kò sì sí ohun tó ní kí àkọlé òpó wọ̀nyí jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀, tó fi mọ́ sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ọmọ tó ń wá bí wọ́n ṣe ń kọ "tẹ̀" lédè Gẹ̀ẹ́sì kò ráyè wo ohun tó tẹ̀.

Wíwọn gíga ló máa ń gba sùúrù. Níbo la ti ń bẹ̀rẹ̀? Bí ọmọ kan bá wọ̀n ọ́n láti ìdí ife lónìí, tó tún wọ̀n ọ́n láti orí tíṣù lọ́la, igi rẹ̀ á "kúrú" ní òru. Nítorí náà, ẹ fi bírò aláwọ̀ fa ìlà kan sára ife níbi tí orí tíṣù dé ní ọjọ́ kìíní. Ibẹ̀ ni òdo. Bí tíṣù tilẹ̀ wọlẹ̀ nígbà tó bá yá, ìlà kò ní kúrò. Rúlà àwọn ọmọ tún ní ìṣòro tirẹ̀: òdo rẹ̀ kì í sábà bẹ̀rẹ̀ ní etí gan-an, ó máa ń ṣẹ́ kù díẹ̀. Ọmọ tó bá fi etí rúlà lé ìlà á pàdánù ìdajì sẹ̀ǹtímítà lójoojúmọ́.

Ọ̀nà kan wà tó yọ rúlà kúrò lọ́wọ́ wọn pátápátá ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ gé pépà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kó fi ti ẹ̀gbẹ́ igi láti orí ìlà, kó sì gé e síbi tí orí igi dé. Kó kọ ọjọ́ sí i lára, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìwé àkíyèsí rẹ̀. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, kó lẹ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pépà Ife A ní àwọ̀ kan, ti Ife B ní àwọ̀ mìíràn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá fi máa pé, àwọn pépà náà á ti tò sórí ìlà kan, èyí tó ga àti èyí tó kúrú, kò sì sẹ́ni tó máa ṣàlàyé fún un kó tó rí ọjọ́ tí igi ná jù. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó wá fi rúlà wọn pépà kọ̀ọ̀kan, kó kọ iye rẹ̀ sínú àtẹ. Pépà kì í mì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣẹ́ bí igi ẹ̀wà.

Ẹ wo bí ojú ìwé ọmọ kan ṣe lè rí. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi to àwọn iye tó wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n bí ẹ̀wà ṣe ń ṣe nìyí.

| Ọjọ́ | Ife | Gíga (sẹ̀ǹtímítà) | Àwọ̀ | Ohun mìíràn tí mo rí |
|---|---|---|---|---|
| 3 | A | 0 | funfun | gbòǹgbò ti yọ, ó kọjú sísàlẹ̀ |
| 3 | B | 0 | funfun | gbòǹgbò ti yọ |
| 5 | A | 2 | gíríìnì díẹ̀ | orí rẹ̀ tẹ̀ kodoro |
| 5 | B | 3 | funfun | orí rẹ̀ tẹ̀ |
| 6, 7 | – | – | – | a ò wá síléèwé |
| 8 | A | 9 | gíríìnì | ewé méjì ti ṣí |
| 8 | B | 16 | yẹ́lò | ewé kéékèèké, kò tíì ṣí dáadáa |
| 11 | A | 13 | gíríìnì | ó ń tẹ̀ sí fèrèsé |
| 11 | B | 24 | yẹ́lò | ó ti ṣubú |

Ọjọ́ kẹfà àti ìkeje ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọmọ náà kò kọ iye kankan síbẹ̀, bó sì ṣe yẹ nìyẹn. Ọmọ tó mọ ìṣirò á fẹ́ wo ìlà òkè àti ìlà ìsàlẹ̀, kó fi iye tó wà láàárín wọn dí àlàfo náà, àwọn òbí míì tilẹ̀ máa ń bá a ṣe é nílé kí ìwé lè kún. Tíṣà tó bá gé máàkì nítorí àlàfo ló ń kọ́ ọmọ láti parọ́. Kí ó ti sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìlà kékeré lásán ni kí wọ́n fà sí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò wo ife, kí wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀.

Ẹ wá fi ọwọ́ bo òpó méjì, kí ó ku ọjọ́, ife àti gíga nìkan. Kí ni ọmọ máa sọ? Á ní òkùnkùn ló dára fún ẹ̀wà, nítorí Ife B fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì Ife A. Kò sì ṣìṣe, ohun tí iye wọ̀nyẹn wí nìyẹn. Ẹ ṣí ọwọ́ kúrò, kí ẹ ka àwọ̀ àti ohun mìíràn tó rí: yẹ́lò, ewé kéékèèké, ó ti ṣubú. Ọ̀rọ̀ náà yí padà pátápátá. Ìdí tí òpó méjì kò fi tó rè é. Ìbéèrè tó wà lókè pépà béèrè èyí tó ga, ọmọ sì gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ rí i pé èyí tó ga àti èyí tó le kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ohun tó fà á ni pé oúnjẹ wà nínú ẹ̀wà fúnra rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti bó ẹ̀wà àkàrà rí mọ̀ pé abala méjì ló wà nínú èèpo rẹ̀. Oúnjẹ tí ọmọ igi máa jẹ títí ewé rẹ̀ yóò fi ṣí ni abala méjèèjì yìí. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà kò fi nílò ìmọ́lẹ̀ kó tó hù: omi, afẹ́fẹ́ àti ìgbóná tó tó ló nílò. Ní abẹ́ ilẹ̀ níbi tí a máa ń gbìn ín sí, òkùnkùn ló kọ́kọ́ wà. Bí igi kékeré bá bá ara rẹ̀ nínú òkùnkùn, bíi pé ó ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀ ló máa ṣe. Á fi oúnjẹ rẹ̀ na ọ̀pá sókè láti wá ìmọ́lẹ̀ kàn, kò ní fi ṣòfò lórí ewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọ̀ gíríìnì tí ewé fi ń ṣe oúnjẹ kì í sì yọ lára ẹ̀wà bí kò bá rí ìmọ́lẹ̀. Orí tó tẹ̀ kodoro bí ìwọ̀ apẹja náà nídìí: ẹ̀yìn tó tẹ̀ yẹn ló ń ti iyẹ̀pẹ̀ sọ́tọ̀, kí ewé rírọ̀ tó wà ní ṣónṣó má baà ya. Nínú ìmọ́lẹ̀ ló ń tètè nà.

Tí Ife B bá ní àwọ̀ gíríìnì lára, ìmọ́lẹ̀ ń wọ páálí náà nìyẹn. Ẹ wo ibi tí igi tẹ̀ sí, ẹ máa rí ihò náà ní apá ibẹ̀. Ife A náà á máa tẹ̀ sí fèrèsé. Charles Darwin àti ọmọ rẹ̀ Francis kọ nípa èyí nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1880: wọ́n fi nǹkan dé ṣónṣó orí koríko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, wọ́n sì rí i pé kò tẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ mọ́, èyí tí wọn kò dé lórí sì tẹ̀. Àwọn ọmọ lè máa yí Ife A padà lójoojúmọ́ bí wọ́n bá fẹ́ kó dúró ṣánṣán. Èyí tó bá ti ṣubú, ẹ má fi agbára nà án sókè. Ẹ tẹ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lé e lára láti ìlà dé ṣónṣó, okùn yẹn ni kí ẹ wá fi rúlà wọ̀n.

Ó ku àyè àwòrán. Tí ẹ bá fún ọmọ ní àpótí ńlá kan ṣoṣo, igi olódòódó pupa yẹn ló máa padà wá. Àpótí mẹ́rin ọgbọọgba ni kí ẹ fà, ọjọ́ 3, ọjọ́ 5, ọjọ́ 8 àti ọjọ́ 11, kí ẹ sì fi ààmì sẹ̀ǹtímítà sí ẹ̀gbẹ́ òsì àpótí kọ̀ọ̀kan. Bí àtẹ bá wí pé sẹ̀ǹtímítà 2, ibẹ̀ náà ni àwòrán gbọ́dọ̀ dúró. Nígbà tí igi bá ga ju àpótí lọ, ẹ jẹ́ kó yà á kọjá etí rẹ̀, tàbí kó lẹ pépà mọ́ ọn lókè. Pẹ́ńsù ni kó fi ya ìlà ara rẹ̀. Kíréyọ̀nù á dúró títí tó bá yà á tán, torí ọmọ tó bá mú kíréyọ̀nù gíríìnì lọ́wọ́ máa ń kun ohun funfun ní gíríìnì. Kó fa ìlà sí gbòǹgbò, ọ̀pá, ewé àti abala ẹ̀wà, kó kọ orúkọ wọn síbẹ̀. Ọmọ tó ya gbòǹgbò dáadáa á rí irun funfun tín-ínrín-tín-ínrín lára rẹ̀, èyí tí igi fi ń fa omi. Ó máa ń jọ èbu lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, tíṣà míì a sì ti ní kí wọ́n da ife nù. Irun gbòǹgbò máa ń yí gbòǹgbò tútù ká bákan náà yíká, kì í sì í rùn. Èbu máa ń bo ẹ̀wà àti tíṣù láìṣètò, ó sì sábà máa ń di dúdú tàbí eérú.

Tíṣà tó rí òdòdó pupa nínú àpótí ọjọ́ 5 kò nílò láti fi bírò pupa fà á já. "Gbé ife rẹ wá, fi ọwọ́ kàn án fún mi" ti tó. Ọmọ náà á wo ife, á wo pépà, á sì lọ wá ìrésà.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá ti ń pé, abala méjèèjì á ti rọ, wọ́n á sì já bọ́. Oúnjẹ inú wọn ti tán, kò sì sí nǹkan tí igi lè rí jẹ nínú tíṣù yàtọ̀ sí omi. Ife A pàápàá á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ ka èyí sí ẹ̀bi ìmọ́lẹ̀. Kó tó di ìgbà náà, ní bí ọjọ́ 11, ẹ yọ Ife B kúrò nínú páálí, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Ife A, kí ẹ sì fi ìlà mẹ́ta sí i nínú àtẹ. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ewé yẹ́lò yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í di gíríìnì, á sì fẹ̀ sí i. Ọ̀pá rẹ̀ tó ti gùn jù kò ní kúrú mọ́ ní tirẹ̀. Ẹ wá kó gbogbo wọn bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀, kí ẹ fi igi kékeré gbé ti Ife B dúró, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ máa wọ̀n ọ́n lọ wá gba pépà tuntun.